Ta Ló Yí Ọfà Náà Padà?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì sọ nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ àwàdà inú rẹ̀, mi ò sì yọ ibi tí wọ́n ti dá mi lẹ́nu dúró.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Mo mú ìdáhùn ọmọ kan wá, ẹ má bèèrè ibi tí mo ti rí i. Ìbéèrè náà ò ju ìlà kan lọ, máàkì mẹ́rin ló wà fún un: dárúkọ ohun méjì tó ń wọlé àti ohun méjì tó ń jáde nínú rẹsipiréṣọ̀n. Ọmọ náà fi bírò búlúù kọ ọ́ gére: ohun tó ń wọlé, kábọ́nù dáyọ́ksáìdì àti omi, ohun tó ń jáde, gúlúkóòsì àti ọ́síjìn. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò ṣi sípẹ́lì kankan. Òdo nínú mẹ́rin.

Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan kì í kọ báyìí. Èyí tí kò mọ̀ á fi àyè sílẹ̀, tàbí kó kọ «afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ» kó sì máa retí àánú. Èyí mọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mọ èyí tó ń bá èkejì rìn. Fotosíńtẹ́sísì, ìyẹn bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe súgà, ló kọ, ó wá fi fìlà rẹsipiréṣọ̀n dé e lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má pè é ní olódo. Ẹnì kan ló fi fìlà yẹn lé e lọ́wọ́, àfàìmọ̀ kí onítọ̀hún má jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí. (Ẹ̀rín.)

Gbogbo wa la mọ orin tí à ń fi kọ́ wọn: «Ohun tí a bá mí jáde ni igi ń mí sínú, ohun tí igi bá mí jáde ni àwa ń mí sínú.» Ó dùn lẹ́nu, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́ sí i, olùkọ́ á sì máa yangàn. Orin yẹn ni ọ̀tá mi. Ó sọ rẹsipiréṣọ̀n di mímí imú, bẹ́ẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì ni rẹsipiréṣọ̀n ti ń ṣẹlẹ̀, ní ibi tí imú ò dé. Ó tún pín iṣẹ́ fún ènìyàn àti igi bí ẹni pín ogún: tiyín nìyí, tiwa nìyí. Ọmọ tó bá gba ìpín yẹn gbọ́ á rò pé bí igi ṣe ń ṣe rẹsipiréṣọ̀n tirẹ̀ ni pé kó gba kábọ́nù dáyọ́ksáìdì wọlé kó sì lé ọ́síjìn jáde. Bí ìbéèrè bá wá dé tí kò dárúkọ ẹranko, tí àwòrán igi sì wà lójú ewé ìwé tó kà lálẹ́ àná, ti igi ni yóò kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1771, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Joseph Priestley, ki ẹ̀ka míǹtì bọ inú afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ti jó nínú rẹ̀ títí tó fi kú. Nígbà tó di ọjọ́ 27, àbẹ́là tún jó nínú afẹ́fẹ́ yẹn kan náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, ní 1779, Jan Ingenhousz tẹ̀wé jáde pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni igi ti ń ṣe oore yìí, pé ibi tó ní àwọ̀ ewé lára rẹ̀ nìkan ló sì ń ṣe é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, igi náà ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ bíi tiwa, gbòǹgbò àti òdòdó kò sì yé bà á jẹ́ tọ̀sán tòru. Ọdún mẹ́jọ péré ló gbà wọ́n. Àwa ṣì wà nídìí míǹtì Priestley.

(Níbí ni mo ti sọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé òdòdó síta kí wọ́n tó sùn kí ó má baà pa wọ́n. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lé ọkọ wọn síta, nítorí kábọ́nù dáyọ́ksáìdì tí àgbàlagbà kan ń mí jáde lóru ju ti ìkòkò òdòdó kan lọ fíìfíì. Mi ò ní tún èyí tó kù sọ.)

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí igi, ká lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ó rẹ àgbàdo sómi, ó dà á sórí ewé, ó sì bò ó kó lè hù. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì yẹn lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó rí i pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò kàn án, ẹnikẹ́ni ò dáná sábẹ́ rẹ̀. Ìyá náà mọ̀ pé bí òun ò bá tú u ká, yóò gbóná jù, àwọn tó wà láàárín á sì kú. Ooru wo nìyẹn? Rẹsipiréṣọ̀n ni. Àgbàdo ń fi ọ́síjìn jó súgà tó wà nínú rẹ̀. Ó jẹ́ irúgbìn, kò tíì ní ewé kankan, inú òkùnkùn ló sì wà. Níbo ni orin wa fi í sí?

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mú òṣùwọ̀n jáde. Ẹ wọn àgbàdo gbígbẹ sínú ife méjì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ gbé ọ̀kan pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí èkejì hù nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Yóò wú, yóò ta ọ̀mùnú gígùn funfun, àwọn ọmọ á sì búra pé ó ti wúwo sí i. Ó wúwo lóòótọ́, omi ló mu. Ẹ wá yan ife méjèèjì lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí ìwọ̀n wọn ò fi ní yí padà mọ́. Èyí tó hù ni yóò fúyẹ́. Ẹ bi ọmọ tó kọ gúlúkóòsì sí ohun tó ń jáde pé: bí rẹsipiréṣọ̀n bá ń mú súgà wá, kí ló dé tí àgbàdo yìí fi jò?

Ibo ni ohun tó sọnù wà? Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó:

C6H12O6 + 6O2 → 6CO2 + 6H2O

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ sórí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Gúlúkóòsì gíráàmù 180 máa ń gba ọ́síjìn gíráàmù 192. Ohun tó wọlé jẹ́ 372. Ohun tó jáde jẹ́ kábọ́nù dáyọ́ksáìdì gíráàmù 264 àti omi gíráàmù 108, ìyẹn náà sì jẹ́ 372. Kábọ́nù mẹ́fà tó wà nínú súgà ló gba inú afẹ́fẹ́ lọ. Ọmọ tó bá fi ìka tẹ̀lé kábọ́nù kò ní yí ọfà padà, nítorí kò há ọfà sórí rárá. Bí kábọ́nù bá ń kúrò nínú súgà bọ́ sínú afẹ́fẹ́, rẹsipiréṣọ̀n ni. Bó bá ń ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú súgà, fotosíńtẹ́sísì ni. Bí mo bá ní agbára, òun ni ǹ bá fi rọ́pò orin.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí olùkọ́ obìnrin kan fi nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní: «Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá gbé ewé sínú oòrùn lọ́sàn-án gangan, tí mo wo ohun tó ń wọ inú rẹ̀, ṣé kì í ṣe kábọ́nù dáyọ́ksáìdì ni? Ohun tó ń jáde ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọ́síjìn? Kí wá ni ẹ̀bi ọmọ yẹn?»

Mo dákẹ́ díẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ lo sọ, ìyá mi. Ohun tí ojú rí lójú ewé lọ́sàn-án nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù lojú ń rí. Ìyálọ́jà tó pa ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóòjọ́ tó sì ná ẹgbẹ̀rún kan, bí ìwọ bá ka owó inú àpò rẹ̀ lálẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lo máa bá. Ṣé ó tọ́ kí o sọ pé kò ná nǹkan kan? Ewé ń ṣe rẹsipiréṣọ̀n lọ́sàn-án náà. Fotosíńtẹ́sísì ló pọ̀ jù ú lọ tó fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú tẹ́sìtúùbù mẹ́rin. Ẹ bu omi ìdánwò báíkábónéètì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan; àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bó bá wà nínú afẹ́fẹ́ lásán. Bí kábọ́nù dáyọ́ksáìdì bá pọ̀ sí i, yóò di yẹ́lò. Bó bá dín kù, yóò di àwọ̀ àlùkò. Ẹ fi ewé kọ́ sínú mẹ́ta, kó má kan omi, kẹ́ ẹ sì dé wọn pinpin. Ọ̀kan á wà nínú ìmọ́lẹ̀ gbangba, ẹ ó fi fọ́ìlì wé ìkejì, ẹ ó fi aṣọ tó mọ́lẹ̀ gààrà bíi nẹ́ẹ̀tì wé ìkẹta. Ìkẹrin kò ní ewé rárá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Ti ìmọ́lẹ̀ á di àlùkò, ti fọ́ìlì á di yẹ́lò. Ti nẹ́ẹ̀tì á pọ́n bíi ti ìkẹrin tí kò ní ewé, bí aṣọ náà bá ṣe déédéé.

Ìkẹta yẹn ni kẹ́ ẹ dúró lé lórí. Ọmọ á ní ewé náà ti sùn. Kò sùn. Ohun tó ń wọlé ló dọ́gba pẹ̀lú ohun tó ń jáde. Ní oko, irú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn ìdájí àti nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Bí èyí tó wà nínú fọ́ìlì ò bá di yẹ́lò, ẹ wo ìdérí, ó ṣeé ṣe kó máa jò. Bí gbogbo wọn bá sì di yẹ́lò, ẹ̀yin lẹ ń mí sínú wọn nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dé wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lójú kíláàsì, mo sì sọ pé ewé náà ló ń ṣàìsàn. (Ẹ̀rín.)

Nítorí náà, mo gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí: ìbéèrè wa náà ní àbùkù. Ẹni tó bá béèrè «gáàsì wo ni igi ń lé jáde lọ́sàn-án?» lónìí, tó tún béèrè rẹsipiréṣọ̀n lọ́la láìsọ ti ta, òun ló da ọmọ rú. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pa ìbéèrè wa rẹ́ lójú pátákó, mo kọ òmíràn: «Nínú sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò àgbàdo kan, lágogo méjìlá ọ̀sán, kí ló ń wọlé, kí ló sì ń jáde nínú rẹsipiréṣọ̀n?» Gbòǹgbò ò ní kílórófíìlì, kò sí fotosíńtẹ́sísì tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tó kàn ṣi fìlà dé á rí ara rẹ̀ níbẹ̀, á sì ṣàtúnṣe. Èyí tó bá ṣì yí i padà, orin wa ló gbà gbọ́, ẹ dá a padà sídìí òkìtì ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Alága ti ń fọwọ́ kan aago rẹ̀ nígbà yẹn. Mo ṣì ní ti agbára láti sọ, mo sì sọ ọ́ bí ẹni ń sá fún òjò: àwọn ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn lè jọ dígí ara wọn, ṣùgbọ́n agbára kì í padà gba ọ̀nà tó gbà wá. Ìmọ́lẹ̀ ló wọlé sínú ewé. Ohun tó jáde lẹ́yìn rẹsipiréṣọ̀n ni ATP tí sẹ́ẹ̀lì ń ná, àti ooru. Ooru òkìtì àgbàdo yẹn, kò sí ewé tó lè fi se oúnjẹ. Wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ mi níbẹ̀.