Ẹgbẹ́ olùṣọ́, ẹgbẹ́ aláìsopọ̀ àti ìdì: ìṣòro kan náà lójú mẹ́ta

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjọ sí Kétu lónìí, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí a yanjú kí a tó tú ká, èkínní sì ni yóò ṣí ilẹ̀kùn èkejì. Nínú ìmọ̀ gíráàfù, kí ló dé tí ẹni tó bá ti rí ẹgbẹ́ olùṣọ́ tó kéré jù lọ fi ti rí ẹgbẹ́ aláìsopọ̀ tó tóbi jù lọ, láìtún ṣe iṣẹ́ mìíràn? Báwo ni a sì ṣe mọ̀ pé àwọn méjèèjì le?

Gíráàfù kò ju kókó àti okùn lọ: okùn kọ̀ọ̀kan so kókó méjì pọ̀. Ẹgbẹ́ olùṣọ́ ni àkójọ kókó tí a yàn lọ́nà tí gbogbo okùn, láìku ẹyọ kan, fi ní ó kéré tán orí kan nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláìsopọ̀ ni àkójọ kókó tí okùn kankan kò so méjì nínú wọn pọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ìdì, ìyẹn àkójọ kókó tí okùn so ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ gbogbo àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a fi S pe àkójọ kókó kan, kí a sì fi T pe gbogbo kókó tí kò sí nínú S. Bí S bá jẹ́ ẹgbẹ́ olùṣọ́, kò lè sí okùn kankan tí orí rẹ̀ méjèèjì wà nínú T, nítorí pé irú okùn bẹ́ẹ̀ kò ní ní olùṣọ́ rárá. T jẹ́ ẹgbẹ́ aláìsopọ̀ nìyẹn. Bí a bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ T, tí T jẹ́ ẹgbẹ́ aláìsopọ̀, kò sí okùn tí orí rẹ̀ méjèèjì wọ inú T, nítorí náà okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán orí kan nínú S, S sì di ẹgbẹ́ olùṣọ́. Ẹ̀rí náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kókó bá jẹ́ n lápapọ̀, bí a ti ń dín S kù ni T ń pọ̀ sí i, tí S tó kéré jù lọ àti T tó tóbi jù lọ bá sì wà níwájú wa, àròpọ̀ wọn jẹ́ n gan-an. Tibor Gallai ló tẹ ìdọ́gba yìí jáde ní 1959.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú oníṣòwò mẹ́fà kan nínú ọjà, kí a pè wọ́n ní A, B, D, E, F àti I, kí a sì ta okùn láàárín àwọn tó bá mọ ara wọn. Gíráàfù G tí a rí ní okùn méje:

```
G: AB  AD  BD  DE  EF  FI  AI
```

Ìbéèrè ìdì ni pé: ǹjẹ́ a lè rí àwọn k kan nínú wọn tí gbogbo wọn mọ ara wọn? Bí k bá jẹ́ 3, A, B àti D dáhùn. Bí ó bá jẹ́ 4, kò sí, nítorí pé ẹni tó bá wà nínú ìdì ẹlẹ́ni mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán okùn mẹ́ta, A àti D nìkan ló sì ní tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó yí gíráàfù náà padà: níbi tí okùn wà, a ó yọ ọ́, níbi tí kò sí, a ó ta á. Kókó mẹ́fà ní ìsopọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣeé ṣe, nítorí náà okùn mẹ́jọ ló kù fún gíráàfù tuntun, H:

```
H: AE  AF  BE  BF  BI  DF  DI  EI
```

A, B àti D tó jẹ́ ìdì nínú G ti di ẹgbẹ́ aláìsopọ̀ nínú H. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí a ṣe lókè, E, F àti I tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ olùṣọ́ fún H. Ẹ yẹ okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé kò sí èyí tí kò ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí. Olùṣọ́ méjì kò lè tó, nítorí pé kò sí kókó tó ní ju okùn mẹ́ta lọ nínú H, méjì ò sì lè ṣọ́ ju mẹ́fà lọ nínú mẹ́jọ.

Ó dára kí a tún wo yíyàn tó kùnà. Ká ní B, E àti F ni a fi ṣe olùṣọ́. Okùn méje ní olùṣọ́, ṣùgbọ́n DI kò ní. Ẹ wá wo àwọn tó ṣẹ́kù, A, D àti I: okùn kan ṣoṣo tó bà wọ́n jẹ́ ni DI yìí kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà gbogbo: okùn tí kò ní olùṣọ́ ní apá kan ni okùn tó tú àṣírí ní apá kejì.

Ọ̀nà ìyípadà wa nìyí: ẹni tó bá béèrè bóyá G ní ìdì ẹlẹ́ni k, a ó béèrè bóyá H ní ẹgbẹ́ olùṣọ́ tí kò ju n − k lọ. Ìdáhùn méjèèjì bára mu, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ kíkọ H kò ju kí a yẹ ìsopọ̀ n(n − 1)/2 wò lọ, ìyẹn sì yára. Richard Karp lo ọ̀nà yìí gan-an ní 1972, nínú àpilẹ̀kọ tó ti to ìṣòro mọ́kànlélógún pọ̀, lẹ́yìn tí Stephen Cook ti fi ìdí ìṣòro àkọ́kọ́ irú rẹ̀ múlẹ̀ ní 1971. Karp kọ́kọ́ fi hàn pé ìdì le: bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ̀nà yíyára fún un, ó ti rí ọ̀nà yíyára fún gbogbo ìbéèrè tí a lè tètè yẹ ẹ̀rí ìdáhùn «bẹ́ẹ̀ ni» wọn wò. Bí ìdì bá wá ṣeé yípadà sí ẹgbẹ́ olùṣọ́, ẹgbẹ́ olùṣọ́ kò lè rọrùn jù ú lọ.

Ibi tí mo ti máa ń rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣìnà jù lọ ni ọ̀nà tí ìyípadà náà dojú kọ. Láti fi hàn pé ẹgbẹ́ olùṣọ́ le, inú ìṣòro tí a ti mọ̀ pé ó le la ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ olùṣọ́ la sì ń lọ. Ẹni tó bá yí ẹgbẹ́ olùṣọ́ padà sí ìdì, tó sì dúró síbẹ̀, ohun tó fi hàn kò ju pé ẹgbẹ́ olùṣọ́ kò le ju ìdì lọ.

Ó ku ààlà kan tí n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Ìdọ́gba yìí péye fún ìdáhùn tó dára jù lọ, ṣùgbọ́n kò gbé ìdáhùn tó kàn súnmọ́ ọn kọjá. Ọ̀nà yíyára kan wà fún ẹgbẹ́ olùṣọ́: mú okùn èyíkéyìí tí kò tíì ní olùṣọ́, fi orí rẹ̀ méjèèjì ṣe olùṣọ́, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí kò fi ní ku okùn. Níwọ̀n bí àwọn okùn tí a mú kò ti ní kókó kan pọ̀, ẹgbẹ́ olùṣọ́ èyíkéyìí gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán kókó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà iye tí a yàn kì í ju ìlọ́po méjì èyí tó kéré jù lọ. Ẹ lò ó fún H. Mú DI: DF, DI, BI àti EI ti bọ́ sábẹ́ olùṣọ́. Mú AE: AF àti BE náà tẹ̀ lé e. BF ló kù, B àti F wọlé. Olùṣọ́ mẹ́fà ni a ní, ìlọ́po méjì mẹ́ta gan-an, ìlérí náà sì ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aláìsopọ̀ tó ṣẹ́kù kò ní ẹnì kankan nínú, nígbà tí èyí tó dára jù lọ ní ẹni mẹ́ta. David Zuckerman fi hàn ní 2006 pé, àfi bí P, ìyẹn àkójọ àwọn ìbéèrè tó ní ọ̀nà yíyára, bá dọ́gba pẹ̀lú NP, ìyẹn àkójọ àwọn tí a lè tètè yẹ ẹ̀rí ìdáhùn «bẹ́ẹ̀ ni» wọn wò, kò sí ọ̀nà yíyára tó lè ṣèlérí fún gbogbo gíráàfù pé ẹgbẹ́ aláìsopọ̀ tí òun bá rí yóò tó ìdajì, ìdá mẹ́wàá, tàbí ìdá ẹgbẹ̀rún èyí tó tóbi jù lọ.