Ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́: ṣé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kó lọ ni, àbí ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, òun ló máa kọ́kọ́ tú u wò, la fẹ́ sọ. Àwọn kan á ní kó tètè lọ kọ́ṣẹ́, àwọn mìíràn á ní àfi kó gba dípúlómà. Iṣẹ́ iná mànàmáná nìkan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ń fò dá ti tètè ń hàn.

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fẹ́ gbé iná lọ bá ẹ̀rọ kan tó ń fa omi, tó jìnnà sí àpótí iná ní mítà 60. Kílówáàtì 1.5 ni agbára ẹ̀rọ náà, fóòtì 230 ló ń lò, ó sì ń fa nǹkan bí áńpíà 10 bó bá ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe wáyà ni bí ojú bàbà inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ní mìlímítà onígun mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ tó ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ pé wáyà 1.5 gbé áńpíà 10 dáadáa, wáyà yẹn ló máa fà. Òótọ́ ni, wáyà náà lè gbé e. Àmọ́ bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn ni fóòtì ń dín kù. Lórí mítà kọ̀ọ̀kan, wáyà bàbà 1.5 ń jẹ nǹkan bí fóòtì 0.029 fún áńpíà kan, lílọ àti àbọ̀ rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 10, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 60: ó lé ní fóòtì 17 tó ti lọ kí iná tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ìyẹn ju ìdá 7 nínú 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá 5 ni ọ̀pọ̀ ìlànà gbà láàyè fún irú iṣẹ́ yìí.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ gbéra ni wàhálà gan-an, torí iná tó ń fà lákòókò yẹn lè tó ìlọ́po 5. Yóò máa kùn láìyí, ara rẹ̀ á gbóná, bó bá pẹ́ wáyà inú rẹ̀ á jó. Wọ́n á ra òmíràn, ìyẹn náà á tún jó. Ẹni tó bá fi mítà wọn fóòtì nídìí ẹ̀rọ bó ṣe ń gbéra, tó sì wọn ti àpótí iná, yóò rí i pé wáyà ló tín-ínrín. Wáyà 4 kì í jẹ ju nǹkan bí fóòtì 7 lọ ní ọ̀nà kan náà. Ìṣirò yìí ni ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ń kọ́ni, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sì í kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní i.

Ẹ wá wo òdì kejì. Ẹni tó ní dípúlómà ṣírò ó pé, ó yan wáyà 4. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bó o, ọ̀bẹ rẹ̀ gé fọ́nrán bíi mélòó kan, ó sì de sukúrù mọ́ orí ike dípò bàbà. Bí iná bá ṣe ń kọjá, ibẹ̀ á máa gbóná, ike á pọ́n, á wá dúdú, òórùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò sí ìwé tó lè kọ́ni bí sukúrù tó dè dáadáa ṣe rí lọ́wọ́. Àṣetúnṣe lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń kọ́ni.

Nítorí náà, kì í ṣe ibi tó gbayì jù la ó máa béèrè. Kí ọmọ náà fi ìsinmi kan ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná, kí ẹ sì gbé ìṣirò òkè yìí fún un nílé. Bó bá jẹ́ pé ó ń fẹ́ mọ ìdí tí fóòtì fi dín kù, tó tún un ṣe pẹ̀lú wáyà 2.5 láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ á bá a lára mu. Bó bá fi ìṣirò sílẹ̀ àmọ́ tó wà nídìí wáyà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kí àdéhùn wà ní kíkọ: ọdún mélòó, ìgbà wo ni yóò dá ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣé wọn yóò jẹ́ kó ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí. Láìsí èyí, ọmọ lè lo ọdún méjì nídìí iṣẹ́ àrán-an-níṣẹ́ àti gbígbẹ́ ògiri. Ẹ tún wò ó bóyá ọ̀gá ní mítà, tó sì ń lò ó kó tó tan iná ilé oníbàárà. Ọ̀gá tó kàn ń tan iná wò kò lè kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń wá àṣìṣe.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ wọ ibi iṣẹ́ wọn, kí ẹ má fi mọ sí ọ́fíìsì. Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pín tábìlì iṣẹ́ kan. Níbi tí 15 bá ti yí ọ̀kan ká, àwọn 3 ló ń ṣiṣẹ́, àwọn yòókù ń wòran. Ẹ béèrè bákan náà ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa lọ fi ojú rí iṣẹ́, torí bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá a láti ọdún àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ṣì lè lọ gba dípúlómà lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti mọ ohun tí ìwé ń sọ. Ohun tó sábà máa ń dí irú wọn lọ́wọ́ ni pé wọn ò yege nínú ìṣirò àti físíìsì. Nítorí náà, kó parí ìdánwò ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Bó bá ti wọlé ṣáájú, kí wákàtí tí yóò fi kàwé lọ́sẹ̀ wà nínú àdéhùn.