Ìdáhùn Tó Ń Tanni: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìbéèrè Onídàáhùn Mẹ́rin Lórí Òfin Àdéhùn

Ẹ káàbọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo la máa kọ lónìí, láti inú orí tó ń ṣàlàyé ìfilọ̀ àti ìtẹ́wọ́gbà nínú òfin àdéhùn. Mo fẹ́ kí ẹ rí ibi tí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ti ń wá, torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ẹjọ́ tí a máa lò ni Hyde v Wrench, tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1840. Wrench fi oko rẹ̀ lọ Hyde ní £1,000. Hyde ní £950 lòun máa san. Wrench kọ̀. Ni Hyde bá yíhùn padà, ó ní òun gbà, òun á san £1,000 náà. Adájọ́ ní kò sí àdéhùn kankan: nígbà tí Hyde ti dá iye tirẹ̀, ó ti pa ìfilọ̀ àkọ́kọ́, kò sì lè fúnra rẹ̀ jí i dìde. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ti jogún òfin yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà fi ń kà á.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọ ìdáhùn tó tọ̀nà, wọ́n á wá wá mẹ́ta mìíràn fi dí àyè. Ẹni tí kò kàwé rárá á mọ èyí tó yẹ kó mú. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan láìfún wọn ní ìdáhùn kankan. Màá ní kí wọ́n kọ èrò wọn àti ìdí rẹ̀ ní ìlà méjì. Àṣìṣe ọwọ́ wọn ni mo fi ń ṣe ìdáhùn ẹ̀tàn. Ẹ wo èyí tó jáde:

Lọ́jọ́ Ajé, Bísí fi ẹ̀rọ ìránṣọ lọ Káyọ̀dé ní ₦180,000. Káyọ̀dé ní, "₦150,000 ni mo máa san." Bísí ní, "Rárá o." Lọ́jọ́rú, Káyọ̀dé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun gbà láti san ₦180,000. Bísí ní òun ò tà mọ́. Ṣé àdéhùn wà láàárín wọn?

A. Ó wà, nítorí Bísí kò tíì fagi lé ìfilọ̀ rẹ̀ kí Káyọ̀dé tó gbà.
B. Ó wà, nítorí ìbéèrè lásán ni Káyọ̀dé béèrè lọ́jọ́ Ajé.
D. Kò sí, nítorí iye tí Káyọ̀dé dá ti pa ìfilọ̀ Bísí.
E. Kò sí, nítorí Káyọ̀dé kò tíì san kọ́bọ̀ kankan sílẹ̀.

D ló tọ̀nà. Ẹni tó mú A mọ òfin kan tó jẹ́ òótọ́, pé olùtajà lè fagi lé ìfilọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbà á. Kò kàn rí i pé ìfilọ̀ tó ti kú kò tún ní ìfagilé. Ẹni tó mú B ń rántí Stevenson v McLean ti 1880, níbi tí olùrà irin ti béèrè bóyá olùtajà lè fún òun láàyè kó kó ọjà náà díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè nìyẹn, ìfilọ̀ sì wà láàyè síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé kò béèrè ohunkóhun, iye ló dá. E ni mo fẹ́ràn jù: "kò sí" tó sọ tọ̀nà, ìdí rẹ̀ ni kò dáa, torí òfin gba ìlérí fún ìlérí láìsí pé owó ti yí ọwọ́ padà. Ó ń mú ẹni tó kàn méfò.

Ẹ tún wò ó pé "ó wà" méjì ni, "kò sí" méjì, gígùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìdáhùn tó tọ̀nà bá gùn ju àwọn yòókù lọ, ojú lásán á ti mọ̀ ọ́n.

Ibì kan wà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìtàn yìí, ohun tí Bísí sọ ni ohun tí gbogbo olùtajà ọjà wa máa ń sọ: "Kò gbà, ₦180,000 náà ni." Ó dún dáadáa létí, àmọ́ ó ba ìbéèrè náà jẹ́. Nínú ẹjọ́ Livingstone v Evans, tí wọ́n dá ní Kánádà ní 1925, olùtajà fi ilẹ̀ lọni ní $1,800, olùrà ní $1,600 lòun máa san, olùtajà sì fèsì pé òun kò lè dín owó kù. Ilé-ẹjọ́ ní èsì yẹn ti sọ ìfilọ̀ àkọ́kọ́ dọ̀tun, àdéhùn sì wà. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ Bísí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó jinlẹ̀ lè mú "ó wà", èmi á sì fún un ní òdo láìtọ́. "Rárá o" kò ṣílẹ̀kùn kankan.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fún bí ogún ènìyàn dán wò. Ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn tó mọ̀wé jù ló ṣùjọ sórí A, ẹ padà lọ ka ohun tí ẹ fi sí Bísí lẹ́nu kí ẹ tó bá akẹ́kọ̀ọ́ wí.