Owó Lífù Tó Kù Nínú Ìṣirò Ìkẹyìn Òṣìṣẹ́ Tó Ń Lọ

Ẹ kú ìjókòó o. Tí òṣìṣẹ́ bá ń fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ á ṣe ìwé ìṣirò ìkẹyìn fún un. Owó oṣù ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé náà. Ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, owó lífù tí wọn ò tíì lò, ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lónìí.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan wà ní Ìkẹjà tó ń gba ₦240,000 lóṣù, tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ fún un ní lífù ogún ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dún, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, ó sì ní wọn á san owó èyí tó bá kù tó bá ń lọ. Ó ti lo ti 2024 tán. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, 2025, ó kọ̀wé pé òun ń lọ, ó sì ṣiṣẹ́ nótíìsì rẹ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ìwé ìṣirò dé: lífù tó kù jẹ́ ọjọ́ 3.33, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦26,640.

Báwo ni wọ́n ṣe rí 3.33 yẹn? Ogún ọjọ́ tí a pín sí oṣù méjìlá jẹ́ ọjọ́ 1.67 lóṣù kan. Wọ́n ka oṣù mẹ́jọ, ó jẹ́ 13.33. Wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ní ó ti lò. Àmọ́ oṣù nótíìsì ńkọ́? Ó wá síṣẹ́, ó gbowó oṣù náà, lífù sì ń pọ̀ sí i títí di ọjọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ gan-an, kì í ṣe ọjọ́ tó kọ lẹ́tà. Oṣù mẹ́sàn-án ló yẹ kí wọ́n kà, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ jẹ́ ká ṣí kàlẹ́ńdà fún ọjọ́ mẹ́wàá yẹn náà. Ọjọ́ 14 sí 25 oṣù Kẹrin ló fi gba lífù. Fúráìdè ọjọ́ 18 àti Mọ́ńdè ọjọ́ 21 jẹ́ ọlidé Àjíǹde tí ìjọba fún gbogbo èèyàn. Kò síṣẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì, nítorí náà wọn ò lè yọ wọ́n lára ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò, méje ló kù.

Ibi tí owó ti ń sọ nù jù lójú tèmi ni iye tí wọ́n ń ka ọjọ́ kan sí. Wọ́n pín ₦240,000 sí ọgbọ̀n, wọ́n rí ₦8,000. Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú ọgbọ̀n yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni lífù rẹ̀ kò ka Sátidé àti Sọ́ńdè rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn yá ọ ní gàrí kóńgò méje, tó o wá fi dẹ̀ríkà méje san án. Ilé iṣẹ́ tó bá ń fi ọjọ́ kàlẹ́ńdà ka lífù lè fi ọgbọ̀n pín owó oṣù. Èyí tó bá ń ka ọjọ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ iṣẹ́ pín in. Ọ̀sẹ̀ 52 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 260, owó ọdún kan sì jẹ́ ₦2,880,000. Tí a bá pín in, ọjọ́ kan jẹ́ nǹkan bíi ₦11,077, ọjọ́ méje sì jẹ́ nǹkan bíi ₦77,538. Àwọn míì máa ń fi ọjọ́ 22 pín owó oṣù. Ìyẹn á gbé e sí nǹkan bíi ₦76,364. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, ó fi bí ₦50,000 ju ₦26,640 lọ.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan lè wo abala 18 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù méjìlá gba ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó kíkún, kò sì gbà kí wọ́n fowó rọ́pò ìsinmi náà nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó kéré tán, wọn á wo iye oṣù náà nínú méjìlá, wọn á sì san irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó kéré, ẹ rí i. Òfin yìí ò sì ká àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìṣàkóso tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ àti ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ ni tiwọn dúró lé.

Nínú ìwé ìlànà yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ pé lífù tí ẹ ò lò á jóná, àti ibi tí wọ́n ti ní ẹ lè lò ó nígbà nótíìsì. Tí ẹ bá ti béèrè lífù rí, tí ọ̀gá ní iṣẹ́ pọ̀, ẹ fi ímeèlì náà pamọ́ síta kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, torí wọn á ti ìyẹn pa lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Owó ìgbafẹ́ tí wọ́n ń san pẹ̀lú lífù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kì í ṣe owó ọjọ́ tó kù, ìlà tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ lífù yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ná, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ ò tíì gbà pẹ̀lú ìlà lífù, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú ìwé náà.