Bí a ṣe ń ka ìwé owó oṣù láti òkè dé ìsàlẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ mú ìwé owó oṣù yín dání, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín. Èyí tí mo fi síwájú yín yìí, àpẹẹrẹ ti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Nàìjíríà ni.

Òkè la ti máa bẹ̀rẹ̀. Basic, 100,000 náírà. Housing, 50,000. Transport, 30,000. Utility, 20,000. Ẹ ro ó pọ̀: 200,000. Òun ni Gross Pay, ìyẹn owó tí wọn ò tíì yọ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́kàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí kì í ṣe orí iye kan náà ni wọ́n ti ń yọ owó.

Ó yá, ẹ bọ́ síbi Deductions. Ẹ wo Pension. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ 8%, ó kéré tán, lórí Basic, Housing àti Transport. 180,000 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 8% rẹ̀ sì jẹ́ 14,400. Tí ẹ bá rí 8,000 níbẹ̀, ẹ fura: Basic nìkan ni wọ́n ṣírò. Owó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ á pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ń pàdánù, torí 10% tí agbanisíṣẹ́ yín ń fi kún un á já sí 10,000 dípò 18,000. Apá tirẹ̀ yẹn kò sì gbọdọ̀ jáde nínú owó oṣù yín, bí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

NHF, ìyẹn owó àpò ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, 2.5% lórí Basic nìkan: 2,500. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ aládàáni ló ń yọ ọ́.

PAYE ló kàn, ìyẹn owó orí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Iye ọdún kan la fi ń ṣírò rẹ̀. Gross ọdún kan jẹ́ 2,400,000. Ẹ yọ Pension, 172,800, àti NHF, 30,000. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, ayálégbé lè yọ 20% owó ilé tó ń san lọ́dún, àmọ́ iye tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 lọ. Ká ní 300,000 ni owó ilé, ẹ yọ 60,000. Ó ku 2,137,200. Kò sí owó orí lórí 800,000 àkọ́kọ́. Èyí tó kù, 1,337,200, ẹ wá 15% rẹ̀: 200,580. Ẹ pín in sí 12, ó di 16,715 lóṣù.

Tó bá jẹ́ 17,465 lẹ rí, a jẹ́ pé wọn ò ka owó ilé yín mọ́ ọn. Ẹ mú rìsíìtì àti ìwé àdéhùn ilé lọ bá àwọn tó ń ṣètò owó oṣù.

Ní ìsàlẹ̀, Net Pay: 200,000, ẹ yọ 14,400, 2,500 àti 16,715. Ó ku 166,385, iye yẹn gan-an ló sì yẹ kí àlẹ́ẹ̀tì báńkì gbé wá.

Ẹ má tíì ká ìwé náà kúrò nílẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n sanwó oṣù, ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ ti fi 14,400 yín àti 18,000 tirẹ̀ ránṣẹ́, àpapọ̀ 32,400. Bí wọ́n bá ti yọ owó náà nínú ìwé tí kò sì dé àkáǹtì, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yín. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ kó ìwé owó oṣù àwọn oṣù tó sọnù náà lọ bá PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì.