Wọ́n Fẹ́ Ra Ilẹ̀ Bàbá Yín: Kí Ni Ẹ Máa Kọ Sí Àwọn Ará Ilé?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀kún o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan kú ní Ìsánlú, ó fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ lẹ́bàá títì tó lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Kajú tó gbìn ṣì wà níbẹ̀, àwọn tó kù sílé ló ń ká a. Ìyàwó méjì ni bàbá fẹ́. Ìyá àgbà bí ọmọ márùn-ún, ìyá kékeré bí méjì. Ní báyìí, oníbàárà kan fẹ́ ra apá tó kọjú sí títì, ó ní òun á san mílíọ̀nù méje náírà. Wọ́n wá ní kí ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà kọ lẹ́tà sí àwọn yòókù.

Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló ń fi iye owó ṣíde: “A ti rí ẹni tó fẹ́ san mílíọ̀nù méje.” Lójú tèmi, ìlà yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti kà á tán, ó ti pín owó náà nínú ọkàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kálukú ń pín in lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni ìdí kan. Mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá àgbà, iye kan náà á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá kékeré. Ọmọ ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan á gba ₦700,000. Ọmọ ìyá kékeré kọ̀ọ̀kan á gba ₦1,750,000. Bí a bá sì pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ méje, mílíọ̀nù méje, mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan péré. Ọmọ ìyá kékeré tó ti ń fi ₦1,750,000 ra nǹkan lọ́kàn á sọ pé wọ́n jí ₦750,000 òun. Ọmọ ìyá àgbà náà á sọ pé ẹ̀tọ́ òun ni mílíọ̀nù kan.

Kò sí olè nínú wọn. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, tó dé iwájú ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé ẹjọ́ gbà pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó ti wà tipẹ́, àti pé bí àríyànjiyàn bá wà láàárín àwọn ọmọ, olórí ẹbí lè pàṣẹ orí-ò-jorí. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀nà pínpín kí ó tó sọ iye owó. (Bí bàbá bá fi ìwé ìpíngún sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kí ẹ tó kọ ohunkóhun.)

Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí:

“Bàbá olórí ẹbí wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ẹnì kan ń béèrè apá ilẹ̀ bàbá wa tó kọjú sí títì, láti ibi pèrègún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò títí dé ẹsẹ̀ igi kajú àkọ́kọ́. A kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó dá a lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ṣé a fẹ́ tà á ni, àbí ká fi yá a fún ọdún díẹ̀? Èkejì, ta ni gbogbo àwọn tó ní ìpín? Orúkọ tí mo mọ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹni tí mo gbàgbé kún un. Ẹ̀kẹta, bí owó bá wọlé, ṣé ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí? A ó pàdé nílé nígbà Àjíǹde. Ẹni tí kò bá lè wá, kó kọ orúkọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún un, kó fọwọ́ sí i.”

Orúkọ yẹn ni ẹ máa fara balẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ ṣì jẹ́ ọmọ, ó ní ìpín bí ọkùnrin. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá kékeré bá ti kú, tó sì bí mẹ́ta, àwọn mẹ́ta yẹn ló máa pín ohun tó tọ́ sí i láàárín ara wọn, lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹbí tó bá kọ lẹ́tà sí ọmọ ìyá kan ṣoṣo ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láìmọ̀.

Ta ló máa fọwọ́ sí títà? Olórí ẹbí, pẹ̀lú àgbà kan ó kéré tán láti ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfin kò ka títà náà sí rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbà ìdí yòókù, títà náà dúró títí ẹnì kan á fi gbé e lọ sí kóòtù láti tú u ká. Ẹni tó bá wá mọ̀ tó sì panu mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí oníbàárà kọ́lé parí lójú rẹ̀, kóòtù lè sọ pé ó ti pẹ́ jù.

Ẹ ṣọ́ ìwé ìpàdé o. Wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ wá. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “àwa tí a fọwọ́ sí i gbà láti ta ilẹ̀” sí òkè rẹ̀, kì í ṣe ìwé ẹni-tó-wá mọ́. Ìwé méjì ni kó jẹ́: ti ẹni tó wá lọ́tọ̀, ti ẹni tó gbà lọ́tọ̀. Bákan náà, gbólóhùn tó sọ pé “ẹni tí kò bá fèsì ti gbà” kò yẹ nínú lẹ́tà ẹbí. Ẹ pe ẹni tó dákẹ́ lórí fóònù.

Kajú ńkọ́? Ẹni tó gbìn tirẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá lè sọ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan. Ní tèmi, ẹ ka igi náà, ẹ fẹnu kò lórí owó rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó pín èyí tó kù. Ó rọrùn ju àríyànjiyàn ọdún mẹ́wàá lọ.

Bí gbogbo yín bá fọwọ́ sí i, ó ku ìjọba ìbílẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí a gba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí ilẹ̀ oko abẹ́ àṣà tó kúrò lọ́wọ́ ẹbí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́yà oníbàárà á béèrè rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn tí owó ti tán.

Bí ẹ kò bá fẹnu kò rárá, ọ̀nà kan ṣì wà. Ẹbí lè pín ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dípò owó rẹ̀: kí awọnlẹ̀ gé ti ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pínpín, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, apá kọ̀ọ̀kan ti kúrò nínú ilẹ̀ ẹbí. Ìdí tó fẹ́ tà lè ta tirẹ̀, ìdí tó fẹ́ ká kajú á máa ká tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé apá tó kọjú sí títì kò bọ́ sọ́wọ́ ìdí kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni owó wà.