Bá a ṣe ń ka ọjọ́ tó kù sí ìdánwò, ká tó pín tọ́píìkì sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mú bíró, ẹ mú ìwé kan, ẹ gbé síllábọ́ọ̀sì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká jọ ṣe é. Mátì ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, tọ́píìkì 24 ló wà nínú ìwé tó wà níwájú mi yìí. Ìdánwò bọ́ sí Túsìdeè, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2026, ẹni tó fẹ́ kàwé sì máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 2 oṣù kẹta. Déètì tiyín lè yàtọ̀, bá a ṣe máa ṣe é ò yàtọ̀.

Ká kọ́kọ́ ka ọjọ́. Ẹ má fìka ka kàlẹ́ńdà ní kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan, ẹni kan á pè yín láàárín, ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ ka á dé mọ́. Oṣù-oṣù ni kẹ́ ẹ kà á. Oṣù kẹta ní ọjọ́ 31, ẹ yọ 2 kúrò níbẹ̀, ó ku 29. Oṣù kẹrin, 30, ẹ kó gbogbo ẹ̀. Oṣù karùn-ún, 12 péré la máa mú. 29 pẹ̀lú 30 jẹ́ 59, ẹ fi 12 lé e, 71.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọjọ́ kan ṣì í kà. 71 yìí ka ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ kò ka ọjọ́ ìdánwò, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí Mọ́ńdè tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ máa kàwé, ọjọ́ ìdánwò ẹ ò ní ráyè kà nǹkan kan. Àmọ́ ẹnu wa ti mọ́ kíka ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin pọ̀, ṣebí òní ọjọ́ mẹ́jọ la máa ń sọ tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan la ní lọ́kàn, tẹ́ ẹ bá kà á báyẹn, 72 lẹ máa bá, ẹ ti sọ ọjọ́ ìdánwò gan-an di ọjọ́ ìkàwé nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń wo fídíò yìí, ọ̀la lẹ máa tó lè bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan sí i.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ kà á re? Ẹ fi 7 pín in. 71 tá a bá fi 7 pín, ó lọ nígbà 10, ó ku 1. 1 tó kù yẹn ló máa jẹ́rìí fún yín: Mọ́ńdè lẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ sún síwájú ní ọjọ́ kan, Túsìdeè, Túsìdeè náà sì ni ìdánwò. Ó bára mu. Ká ní ohun tó kù jẹ́ 2, Wẹ́sìdeè ni ì bá gbé yín lọ, ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ti ṣì í kà níbì kan.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe é, ẹ ṣí Ẹ̀kséèlì tàbí irú ẹ̀ tó bá wà lórí fóònù yín, ẹ tẹ èyí sínú àpótí kan:

```
=DATE(2026,5,12)-DATE(2026,3,2)
```

Ìdí tí mo fi kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ báyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá kàn tẹ 12/5/2026, ó lè jẹ́ pé ètò tó wà lórí fóònù yín máa ń fi oṣù ṣíwájú ọjọ́, ó sì máa ka èyí sí ọjọ́ 5 oṣù kejìlá. Tó bá ṣe ti 2/3/2026 náà bẹ́ẹ̀, 305 ló máa jù sí yín lójú, ẹ máa rò pé àyè ṣì pọ̀! Ohun kejì, nígbà míì ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tán, dípò 71 ẹ máa rí déètì kan ní oṣù kẹta ọdún 1900. Kò sí ohun tó bàjẹ́ o, ó kàn ń fi 71 hàn yín bíi déètì ni, ẹ yí àpótí yẹn padà sí nọ́ńbà, 71 á jáde.

Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ 10 àti ọjọ́ kan la ní. Ọjọ́ kan yẹn ni Mọ́ńdè ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tó ṣíwájú ìdánwò, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ fa ìlà 10 sínú ìwé, ẹ kọ déètì sí i: ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ 2 sí 8 oṣù kẹta, ìkejì, 9 sí 15, ẹ máa bá a lọ báyẹn títí ìkẹwàá á fi parí ní Sọ́ńdè ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún. Ẹ má kọ "ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì" lásán láìsí déètì, torí tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ mọ́.

Kẹ́ ẹ tó kọ tọ́píìkì kankan síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá lẹ máa fi ṣe, pẹ̀lú aago lórí tábìlì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọjọ́ 30 oṣù kẹta sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹ ò ṣì mí gbọ́ o, lófìfo. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ń bọ̀. Àwọn kan máa ń fi ọ̀sẹ̀ òfìfo yẹn sí ìparí, èmi ò fara mọ́ ọn, torí tẹ́ ẹ bá ti ń rá pálá láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ nílò ibi tẹ́ ẹ ti máa lé e bá kó tó pọ̀ jù. Ó ku ọ̀sẹ̀ 7 fún tọ́píìkì.

Ó wá ku pípín. Ẹlòmíì á ní tọ́píìkì 24, ọ̀sẹ̀ 7, mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó tán. Kò tán o. Lọ́gárídíìmù àti ìyípadà nọ́ńbà láti béèsì kan sí òmíì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ẹ lè parí ìkejì ní ìjókòó kan, kí ìkíní gbà yín ní mẹ́ta. Torí náà ìjókòó la máa kà, a ò ní ka tọ́píìkì. Ìjókòó kan ni nǹkan bíi wákàtí kan tẹ́ ẹ jókòó tì í láìdìde. Ẹ lọ sórí tọ́píìkì kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ìbéèrè méjì lórí ẹ̀ láìkọ́kọ́ ṣí ìwé. Tẹ́ ẹ bá rí méjèèjì ṣe, ẹ kọ 1 síwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà àmọ́ tí ìdáhùn ò jáde dáadáa, ẹ kọ 2. Tẹ́ ẹ bá ń wo ìbéèrè tí ìbéèrè náà ń wò yín, ẹ kọ 3. Ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n ẹ̀ o, tọ́píìkì tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ kà á máa ń dà bíi pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Nínú ìwé tèmi yìí, tọ́píìkì 9 gba 1, 9 gba 2, 6 gba 3. Ìyẹn 9, pẹ̀lú 18, pẹ̀lú 18 míì, ìjókòó 45 lápapọ̀. Ẹ fi 7 pín in, ó jẹ́ 6, ó ku 3, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin máa gba ìjókòó 6, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa gba 7.

Àmọ́ ṣé ọ̀sẹ̀ yín lè gba 7? Ẹ wo ọ̀sẹ̀ yín bó ṣe rí gan-an, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Ìjókòó kan ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè dé Fúráìdeè, márùn-ún, méjì ní Sátidé, 7. Sọ́ńdè, ìbéèrè díẹ̀ lórí ohun tẹ́ ẹ kà lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò ka ìyẹn mọ́ ọn. Níbi tèmi yìí ó gbà á. Ká ní 60 ni ìjókòó yín, ọ̀sẹ̀ 7 ò lè gba ju 49 lọ, ó lé ní 11. Ẹ má fi òru dí i. Àwọn tó gba 1, ẹ so méjì-méjì pọ̀ sínú ìjókòó kan, torí ẹ ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Tí kò bá tíì tó, ẹ wo èyí tó gba 3 tó jẹ́ pé máàkì tó wà lórí ẹ̀ nínú ìdánwò ò tó nǹkan, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbì kan pé ẹ̀yin lẹ fi sílẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹ gbàgbé ẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá wá ń tò ó, ohun méjì péré kẹ́ ẹ máa wò. Èyí tí òmíì gbára lé ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, índísì kí lọ́gárídíìmù tó dé, tirigonọ́métìrì kí bẹ́ríìnì tó dé. Èkejì, tọ́píìkì tó gba 3 ò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀, 6 la ní, ọ̀sẹ̀ 7, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú wọn wà láìsí ìkankan. Ọ̀sẹ̀ kìíní tèmi nìyí: índísì gba Mọ́ńdè àti Túsìdeè, lọ́gárídíìmù gba Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Fúráìdeè, nọ́ńbà béèsì ní àárọ̀ Sátidé. Mẹ́fà nìyẹn. Ìjókòó kejì Sátidé ṣófo, kó wà bẹ́ẹ̀, iná lè lọ, ara lè má yá.

Bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, ẹ má fi àmì sí tọ́píìkì torí pé ẹ ti dé ìparí orí ìwé. Ẹ mú ìbéèrè 10, ẹ pa ìwé dé, tẹ́ ẹ bá rí 7 gbà, ẹ fi àmì sí i. Tí kò bá tó, ẹ kọ ọ́ sí ìlà ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ kọjá lọ sí èyí tó kàn. Ẹ má sún un sí Mọ́ńdè tó ń bọ̀ jàre, torí Mọ́ńdè ti ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá sún un, ti Mọ́ńdè náà á sún, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n gbogbo tébù á ti wọ́. Ohun tá a ṣe fi ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀ lófìfo nìyẹn.

Tó bá wá di Sọ́ńdè ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ẹ ṣírò. Nínú ètò tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ 6, 7, 6, 7, ó yẹ kí 26 ti jáde. Ká sọ pé 21 péré lẹ parí, 5 ló kù, ọ̀sẹ̀ òfìfo á gbé 5 mì, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà pẹ̀lú 19 tó yẹ kó kù gan-an. Àmọ́ tó bá jẹ́ 16 lẹ parí, 10 ló kù, ọ̀sẹ̀ kan ò lè gba ju 7 lọ, ó ṣì ku 3. Ìyẹn ń sọ fún yín pé ìjókòó mẹ́rin lẹ ń rí ṣe lọ́sẹ̀, kì í ṣe mẹ́fà, tí ohunkóhun ò bá yí padà, bó ṣe máa rí títí dé òpin nìyẹn. 29 ló kù nínú 45. Mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù, òfìfo yẹn náà wà nínú ẹ̀, 16 ni. Ẹ mú bíró pupa, ẹ mú 16 tí máàkì pọ̀ sí lórí jù, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mọ́ńdè ọjọ́ 11 tá a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ẹ ò ní ka tọ́píìkì tuntun kankan. Ìbéèrè tẹ́ ẹ gbà kùnà ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn nìkan lẹ máa wò, kẹ́ ẹ sì wo aago àti ibi tí wọ́n kọ sórí sílíìpù ìdánwò yín.